Kẹ́ẹ̀gì Omi Lórí Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ: Níbo Ni Ẹ̀kọ́ Ilé Ti Ń Di Ẹrù?

Lọ́jọ́ kan, èmi àti àǹtí mi jiyàn gan-an. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láti ìdí kànga, tí ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Àǹtí, èyí ti pọ̀ jù fún un." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ò pọnmi nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré ni? Àbí ẹ fẹ́ kó ya ọ̀lẹ?" Òótọ́ ni, àwa náà pọnmi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n wò ó ná.

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 25, a ò tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Nínú àtẹ ìdàgbàsókè ọmọdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 25. Ṣé ẹ rí i? Odindi ara rẹ̀ ló gbé lé orí. Tí àgbàlagbà tó jẹ́ kílò 70 bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, á ru àpò ìrẹsì kílò 50, á tún fi kílò 20 lé e.

Gbogbo ẹrù yẹn ń gba ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Egungun ọmọdé ò tíì gbó, iṣan ọrùn rẹ̀ ò sì tíì lágbára. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "ọrùn ń dùn mí". Tí ilẹ̀ bá sì ń yọ̀, ọmọ àti kẹ́ẹ̀gì ló máa jọ ṣubú.

Èló wá ni kó gbé? Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà máa ń sọ pé kí báágì ilé ìwé má kọjá ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọmọ. Báágì kì í ṣe omi o, àmọ́ ó fún wa ní ibi tá a lè fẹsẹ̀ lé. Fún ọmọ kílò 25, ìyẹn jẹ́ kílò méjì ààbọ̀ sí márùn-ún. Rọ́bà ọ̀dà lítà mẹ́rin wà láàárín ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́. Àkókò náà ńkọ́? Yúnísẹ́ẹ̀fù máa ń ka ọmọ ọdún 5 sí 14 mọ́ àwọn tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún tó bá ń fi wákàtí 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ilé lọ́sẹ̀. Mo jókòó ṣírò ti ọmọ àǹtí mi. Ó ń lọ sídìí kànga lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí méjì nìyẹn. Ilé gbígbá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, abọ́ fífọ̀ gba ọgbọ̀n míì. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ní ìlọ́po méje, ó di 21 géérégé! A ò sì tíì ka àbúrò tó ń pọ̀n.

Oorun ló ń sanwó ẹ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Èyí ń sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ń jí ní aago márùn-ún: wákàtí méje péré. Abájọ tí tíṣà fi ń sọ pé ó ń tòògbé ní kíláàsì.

Mi ò ní kí wọ́n má rán an níṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ọmọ máa ń ní òpin, ọmọ á mọ ìgbà tó parí, àwọn òbí sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò bá yá tàbí tí ìdánwò bá dé. Tí ilé ò bá lè jẹun tàbí wẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ dùbúlẹ̀ àìsàn, a jẹ́ pé iṣẹ́ àgbà ló ń ṣe.

Bá a ṣe tún un tò nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń fi bárò ti kẹ́ẹ̀gì lálẹ́. Òun ń fi rọ́bà lítà mẹ́rin pọn omi ìwẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fọ abọ́ alẹ́. Ìyẹn ò tó wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló ń sùn báyìí, ó ń jí ní mẹ́fà.

Àǹtí mi ṣì ń pè mí ní agbẹjọ́rò àwọn ọ̀lẹ. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ti kúrò lórí ọmọ.