Ìkéde Lọ́jọ́ Tí A Bá Ń Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Tuntun

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun nílẹ̀ Yorùbá, àtíbàbà kì í sàìsí níta, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ti máa ké láti àárọ̀, rìbọ́ọ̀nù á wà lẹ́nu ọ̀nà, pásítọ̀ tàbí àfáà á sì ti jókòó de àdúrà. Gbogbo ìyẹn ló ń kó èrò jọ. Iṣẹ́ ti ìkéde yàtọ̀: òun ló ní láti mú kí ẹni tó wá jẹun lónìí padà wá rajà lọ́jọ́ tí kò sí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ olóòtú ètò ni kì í rántí èyí. Wọ́n á ki olówó ṣọ́ọ̀bù tìran-tìran, wọ́n á dárúkọ gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó ọlá, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa kan ọjà fúnra rẹ̀, ìrẹsì ti ń lọ káàkiri, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mọ́.

Ibi tí ìkéde ti ń wúlò jù ni àárín àdúrà àti gígé rìbọ́ọ̀nù. Lásìkò yẹn, kò tíì sí abọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn tó ṣì wà ní títì sì ń mú kí àwọn èèyàn máa nàgà láti rí ohun tó wà nínú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ti di ìwàásù.

Ká fi obìnrin kan tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ ní Mókọ́lá, n’Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Èlùbọ́ kò wọ́n n’Ìbàdàn, nítorí náà, bí olóòtú bá kàn ń pariwo pé èlùbọ́ tuntun dé, kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí àwọn tó ń ra èlùbọ́ máa ń ráhùn lé lórí ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹtajà kan máa ń po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu. Yanrìn máa ń wà nínú èyí tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì. Kóńgò náà kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, torí àwọn mìíràn a máa lu ìdí rẹ̀ wọnú kó lè gba díẹ̀. Bí obìnrin yìí bá ń ta èlùbọ́ iṣu pọ́ńbélé, tó ń sá a sórí pèpéle, tó sì ń fi òṣùwọ̀n kílò wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti pé. Ìkéde rẹ̀ lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin ará Mókọ́lá, ẹ̀yin ará Sàbó, ẹ kú ìkàlẹ̀ o! Ẹ̀yin tí ẹ ti ro àmàlà rí tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ̀yin tí yanrìn ti há sí léyín nídìí gbẹ̀gìrì, ilẹ̀kùn tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀yin la fẹ́ ṣí i fún! Èlùbọ́ iṣu ni, kò sí láfún nínú rẹ̀. Ojú yín báyìí la ó ti gbé e sórí òṣùwọ̀n. ₦2,500 ni kílò kan. Láti òní títí di Sátidé tó ń bọ̀, ẹni 36 àkọ́kọ́ tó bá ra kílò márùn-ún yóò gba ìdajì kílò lé e lórí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń ṣí, aago méje alẹ́ la ń tì, ọjọ́ Àìkú nìkan la ń sinmi. Bí ẹ bá dé ìdí afárá Mókọ́lá, ẹ kọjú sí ọ̀nà Sàbó, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni. Omi ti ń hó lẹ́yìn àtíbàbà yìí. Ẹ wá tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbà wá gbọ́!”

Inú àwọn èèyàn á dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé èlùbọ́ náà ló dára jù láyé. Ìṣòro tí olúkúlùkù mọ̀ nínú ilé rẹ̀ ló fa ẹ̀rín, ẹ̀rín ló sì la etí wọn sí ìyókù. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn oníṣòwò láti dá iye owó lójú agbo, wọ́n rò pé yóò lé èèyàn sá. Òdìkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀: ẹni tí kò bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń dán gbinrin lè gbà pé apá òun kò ká a, kó sì kọjá lọ. Òpin tó wà ní Sátidé náà kò ṣeé fò. Bí olóòtú bá ní ẹ̀bùn náà wà “fún ìgbà díẹ̀,” kò sẹ́ni tó máa kánjú.

Ìṣirò ló bí ẹni 36 yẹn. Bí igba kílò bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kílò márùn-ún àti ààbọ̀ ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó gba ẹ̀bùn yóò gbé lọ, ẹni 36 yóò sì gbé kílò 198. Ẹni tó gbàgbé láti ka ẹ̀bùn mọ́ ọn yóò ṣèlérí fún ẹni 40, àwọn tó bá kẹ́yìn yóò sì bínú lọ sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a kọ nọ́ńbà sí ló dára láti pín, kí gbogbo èèyàn lè mọ ìgbà tó parí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú nínú ìfẹsẹ̀tẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé kan ní ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School, Baṣọ̀run, n’Ìbàdàn, níbi tí èrò ti rọ́ lọ nítorí ẹ̀bùn. Kì í ṣe ìṣíde ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ohun tó ń kó èrò jọ níbẹ̀ kò yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ tí kò ní iye, tí wọ́n ké lórí rédíò fún gbogbo ìlú, léwu ní ibi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀bùn tó tẹ̀lé ohun tí èèyàn rà, tí a sì nà dé ọjọ́ mélòó kan, kì í fa irú ìrọ́gììrì bẹ́ẹ̀.

Ti ìkòkò tó wà lẹ́yìn àtíbàbà, inú àpò tí wọ́n fẹ́ tà gan-an ni kí wọ́n ti bu èlùbọ́ tí wọ́n máa rò, kí wọ́n sì ti rò ó wò nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Omi gbọ́dọ̀ ti hó kí olóòtú tó gba gbohùngbohùn. Bí àmàlà bá yọ kókó lójú agbo, kò sí ẹnu tó lè tún un ṣe.

Òfin náà ní tirẹ̀ láti sọ. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò fàyè gba ìpolówó tó ń tan oníbàárà jẹ, kò sì gbà kí òǹtajà gba owó tó ju èyí tó kọ sára ọjà lọ. Bí olóòtú bá ké ₦2,500, tí ẹni tó wà nídìí òṣùwọ̀n wá ń bèèrè ₦2,700, wàhálà ti dé. Bí wọ́n bá di èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí, wọ́n ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC, wọ́n sì ní láti gbàṣẹ kí wọ́n tó polówó rẹ̀. Kí olóòtú má ṣe fi ìtọ̀ ṣúgà kún un. Ẹnu tó ń sọ pé oúnjẹ ń wo àìsàn ti kúrò nídìí èlùbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a tó lè mọ̀ bóyá ìkéde ṣiṣẹ́. Kí òǹtajà pín káàdì kékeré níbi ayẹyẹ, kó kọ iye owó àti àpèjúwe ọ̀nà sí i, kó sì máa gba káàdì náà lọ́wọ́ ẹni tó bá padà wá. Bí ọgọ́rùn-ún bá jáde tí márùn-ún péré padà, kó bi àwọn márùn-ún yẹn léèrè ohun tí wọ́n rántí nínú ọ̀rọ̀ olóòtú. Bí ó bá jẹ́ oríkì olówó ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n rántí, kó wá olóòtú mìíràn.