Oṣù Mélòó Ni Owó Sólà Máa Fi Padà Sápò?

Kí ìjọba tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé òun ò san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, lítà bẹntiróòlù kan ò tó ₦200 nílé epo ìjọba. Ẹni tó bá ra sólà nígbà yẹn, afẹ́ ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ti wá di ìṣirò báyìí, ṣùgbọ́n ìṣirò táwọn tó ń ta sólà máa ń ṣe fún oníbàárà ti yá jù. Wọ́n á fi owó epo oṣù kan pín owó sólà, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Mo fojú bu àwọn iye tí mo lò. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn. Jẹnẹrétọ̀ ilé yìí ń mu lítà 4 láàárín agogo méje sí méjìlá òru. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦3,600 nìyẹn lálẹ́ kan. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ lálẹ́ 15 lóṣù, epo á gba ₦54,000. Tí a bá fi ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti owó ẹni tó ń tún un ṣe kún un, ó di ₦60,000. Ẹ má fi ojú bu apá yìí nínú tiyín o. Ẹ kọ gbogbo epo tí ẹ bá rà sínú ìwé fún oṣù kan gbáko, torí ọ̀pọ̀ wa ni kì í rántí ìdajì rẹ̀.

Kí ni jẹnẹrétọ̀ náà ń gbé? Fáànù méjì, wáàtì 120; tẹlifíṣọ̀n àti dikódà rẹ̀, 70; gílóòbù mẹ́rin, 40; fóònù, 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250. Ẹ fi wákàtì 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1,250. Ẹ fi fáànù kan tó máa fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kún un, wáàtì 60 fún wákàtì 6, ó di 1,610.

Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 400 méjì kì í mú 800 wá látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ ka oòrùn tó le sí nǹkan bíi wákàtì 4 lójúmọ́, kí ẹ sì yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ooru, eruku àti ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ó ku 2,240. Lóṣù kẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run, tí oòrùn bá wálẹ̀ sí wákàtì 3, 1,680 ló kù, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Ẹni tó bá ní páńẹ́ẹ̀lì kan ti tó ilé yìí, oṣù kejì ló fi ṣe ìṣirò tiẹ̀.

Bátìrì ni owó pọ̀ sí jù. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ fóòtì 12, ámpù 200, gba 2,400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn fà á ju ìdajì lọ, torí á tètè kú. Ìdajì yẹn, 1,200, ò ní gbé ilé yìí dé òwúrọ̀. Ẹ máa mọ̀ tí fáànù bá dákẹ́ ní nǹkan bí agogo méjìlá òru. Ìgbà yẹn ni wọ́n tún máa ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, owó epo á sì tún bẹ̀rẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù fóòtì 24, ámpù 100, ṣeé fà dé ìdá 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló bá ilé yìí mu. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ₦600,000, páńẹ́ẹ̀lì méjì ₦220,000, ínfátà ₦240,000, wáyà, irin àti owó iṣẹ́ ₦140,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000.

Olùtajà á ní oṣù 20 lowó yín máa padà. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ò ní í gun ínfátà kékeré yìí, jẹnẹrétọ̀ á ṣì máa jẹ bíi ₦10,000 lóṣù. ₦50,000 lẹ ń rí fi pamọ́ ní tòótọ́, ó di oṣù 24. Bátìrì náà á gbó: tí ẹ bá ń retí ọdún 8 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa yọ ₦6,250 sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún òmíràn. Ó ku ₦43,750, owó á padà lẹ́yìn oṣù 27 àti díẹ̀. Bí epo bá já wálẹ̀ sí ₦700, ó máa sún mọ́ oṣù 36. Fáànù tó ń fẹ́ títí di òwúrọ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ yín kì í ṣiṣẹ́ dìgbà yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí owó kankan tó dín kù níbẹ̀.

Ilé kejì tó wà ní ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Báǹdì Éè, tí iná ń wà fún nǹkan bíi wákàtì 20 lójúmọ́, ń ná ₦12,000 péré lórí jẹnẹrétọ̀ lóṣù. Tí a bá yọ owó bátìrì, ₦5,750 ló kù, ó sì máa gbà tó ọdún 17. Ilé bẹ́ẹ̀ ò nílò páńẹ́ẹ̀lì. Ínfátà àti bátìrì kékeré tí iná Nẹ́pà ń gbà sílẹ̀ fún alẹ́ ti tó o.