Nóòtì Tí Ìṣirò Rẹ̀ Pé, Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Kò Sì Tọ̀nà

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ya fọ́tò nóòtì físíìsì rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè, ìyára tó fi gbéra jẹ́ 20 m/s, g sì jẹ́ 10 m/s². Báwo ni yóò ṣe ga tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì? Ohun tó kọ nìyí:

```
h = ut + ½gt²
h = 20 × 2 + ½ × 10 × 2² = 60 m
```

Ẹni tó bá kàn tún ìṣirò náà ṣe kò ní rí àléébù kankan, torí 40 àti 20 jẹ́ 60 lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló yẹ ká bi. Ká tiẹ̀ ní ilẹ̀ kò fà á padà rárá, 40 m péré ni ì bá dé láàárín àkókò yẹn. Ilẹ̀ sì ń fà á: 10 m/s ló ń dín kù nínú ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, débi pé ní ìparí ìkejì, ó ti dúró lókè. Ìyára tó ti 20 sọ̀ kalẹ̀ dé òdo, 10 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 20 m.

Síbẹ̀, ẹ má tíì sọ pé àmì ìròpọ̀ tó wà nínú fọ́múlà ló ṣì. Àwọn olùkọ́ kan máa ń kọ ọ́ sókè ojú ìwé pé g jẹ́ −10. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́múlà náà tọ̀nà, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà ló gbàgbé àmì àyọkúrò. Bí fọ́tò bá gé òkè ojú ìwé kúrò, a kò lè mọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Ìlà kejì: 60 m pọ̀ jù, 20 m ni mo rí nígbà tí mo lo ìpíndọ́gba ìyára. Ó jọ pé àmì àyọkúrò kan ti sọnù. Ṣé wọ́n fún yín ní g gẹ́gẹ́ bíi −10?”

Ti òdiwọ̀n tún máa ń tàn kálẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 72 m/s láàárín ìlú ti kọjá 250 km/h. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 72 km/h, ìyẹn 20 m/s. Gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ tó lo 72 yẹn náà ló yẹ ká fi àmì sí.

Ọjọ́ ló ṣòro jù. Bí nóòtì ìtàn bá sọ pé Ajàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1846, a mọ̀ pé 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló gba ipò ara wọn. Àmọ́ ọdún 1846 náà ni òun àtàwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó sì lè jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Méjèèjì ló yẹ ká kọ síwájú rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ mú èyí tó ní lọ́kàn.