Fáìlì Tí Kò Sí Nínú Recycle Bin

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, pè mí. Ìwé ètò ìsìnkú tó yẹ kó tẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ṣèèṣì pa rẹ́. Ó ní òun ti tú Recycle Bin títí, òun ò rí i. Mo bi í pé, "Ṣé inú kọ̀ǹpútà ló wà ni, àbí orí fúláàṣì?" Ó ní orí fúláàṣì ni.

Ká ní inú kọ̀ǹpútà ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. À bá kàn fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà nínú Recycle Bin, ká yan Restore. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló máa padà sí, kò ní yọ síta fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé kò padà. Ẹ wo abẹ́ Original Location kí ẹ tó tẹ Restore.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pa rẹ́ lórí fúláàṣì kì í sábà gba Recycle Bin kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a bá tẹ Shift mọ́ Delete láti pa rẹ́.

Síbẹ̀, kò tíì lọ pátápátá. Kọ̀ǹpútà kì í nu ohun tó wà nínú fáìlì. Ó kàn ń ṣàmì sí i pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo. Ó dà bí ìsọ̀ ọjà tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ onísọ̀, tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá kó ẹrù tirẹ̀ wọlé ni tàkọ́kọ́ máa dàwátì. Mo ní kó má fi nǹkan kan sórí fúláàṣì yẹn mọ́. Àṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà tẹ̀, orí fúláàṣì kan náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀ sí!

A gba Windows File Recovery, ọ̀fẹ́ ni, láti Microsoft Store sínú kọ̀ǹpútà. A ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, a sì kọ èyí:

```
winfr E: C: /extensive /n *.docx
```

E: ni fúláàṣì rẹ̀, C: ni ibi tí ohun tí a bá rí máa bọ́ sí. Méjèèjì ò gbọdọ̀ jẹ́ ibì kan náà. Nígbà tó ṣe tán, fódà kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Recovery_ ti wà ní C:. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn fáìlì náà ti yí padà, ṣíṣí la ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó parí kọ̀ láti ṣí, ó jọ pé èyí tó ń tún tẹ̀ ti gba àyè rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀dà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣí, orin ìsìn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń lo SSD ni, ìrètí ì bá kéré, torí irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ máa ń tètè nu àyè tó bá ṣófo. Níbẹ̀, Recycle Bin ti OneDrive ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni fáìlì náà ń lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ohun tí a pa rẹ́ fi ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń lo ti ara rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tún àwọn orin náà tẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, orí kọ̀ǹpútà ló ti tẹ̀ ẹ́.