Lẹ́tà Kékeré Tó Ń Ba Ìṣirò Ohun Róbótó Jẹ́

Bó ọsàn kan, kí o sì ya ẹ̀là kan kúrò lára rẹ̀. Wò ó dáadáa: ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, ó fẹ̀ láàárín, ó sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Ohun tí ẹ̀là ọsàn yìí ń sọ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé tí wọ́n bá dé ìdí íńtígírà onípele mẹ́ta.

Iṣẹ́ íńtígírà yìí ni pé ká gé nǹkan sí wẹ́wẹ́, ká mọ bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ká wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan náà bá ní igun bíi búlọ́ọ̀kù, x, y àti z la fi ń gé e. Ègé kọ̀ọ̀kan á dà bí àpótí kékeré, títóbi rẹ̀ á sì jẹ́ dx dy dz. Àmọ́ tí nǹkan náà bá róbótó, àpótí ò ní bá etí rẹ̀ mu, ìṣirò á sì le koko. Nítorí náà, fún ohun tó rí bí agolo, a máa ń lo r, ìyẹn bí a ṣe jìnnà sí àárín tó. Θ, ìyẹn bí a ṣe yí tó. Àti z, tó jẹ́ gíga.

Ibí ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Wo àwọn wáyà tó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ rímù. Igun tó wà láàárín wáyà méjì ò yí padà, síbẹ̀ àlàfo wọn ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sétí. Tí a bá jìnnà sí àárín ní ìlọ́po méjì, àlàfo náà á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀gbẹ́ ègé wa tó tẹ̀ lé ìyípo kì í ṣe dθ lásán, r dθ ni. Ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù ni dr àti dz. Tí a bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pọ̀:

dV = r dr dθ dz

r tó wọlé yìí ni wọ́n ń pè ní Jakóbíánì, láti ara orúkọ Carl Jacobi, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì (1804–1851).

Ká mú tánkì omi tó ga ní mítà 2, tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ mítà 1. Íńtígírà r láti 0 dé 1 jẹ́ 1/2. Ti θ láti 0 dé 2π jẹ́ 2π. Ti z jẹ́ 2. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 2π, nǹkan bíi lítà 6,283. Ẹni tó bá gbàgbé r á rí 4π, ìlọ́po méjì omi tí tánkì náà lè gbà.

Ó tún ní ìdẹkùn kan. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni πR²h, èyí tí kò ní r sì ni 2πRh. Tí R bá jẹ́ 2, nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì máa fúnni! Má fi R = 2 yẹ iṣẹ́ rẹ wò láéláé. Wo R fúnra rẹ̀ dípò nọ́ńbà: 2πRh jẹ́ gígùn lọ́nà gígùn, ìyẹn títóbi ara tánkì lóde, kì í ṣe ti inú rẹ̀.

Ká padà sídìí ọsàn. Fún ohun tó rí bíi bọ́ọ̀lù, ρ ni ìjìnnà sí àárín gbùngbùn, φ sì ni igun tí a ń wọ̀n láti orí wá sísàlẹ̀. Bí a bá yí ọsàn, ibi tó sún mọ́ orí ń yí òbìrí kékeré, ìbàdí rẹ̀ ń yí òbìrí ńlá; ìwọ̀n òbìrí náà láti àárín ni ρ sin φ. Ẹ̀gbẹ́ ègé wá jẹ́ dρ, ρ dφ àti ρ sin φ dθ:

dV = ρ² sin φ dρ dφ dθ

Tí ọsàn náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 láti àárín dé èèpo, apá ρ jẹ́ 64/3, apá φ láti 0 dé π jẹ́ 2, apá θ jẹ́ 2π. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 268 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn 4πR³/3 tí a mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Tí φ bá lọ dé 2π, apá rẹ̀ á di 0, bí ẹni pé ọsàn náà ò sí. Àwọn ìwé mìíràn sì máa ń pààrọ̀ θ àti φ síra, nítorí náà kọ́kọ́ wo igun tí wọ́n ń wọ̀n láti orí. Òun ni sáìnì ń bá rìn.

Ó ku ọ̀kan. Tí ohun tí a fẹ́ rò pọ̀ bá jẹ́ x² + y², ó ti di r², àmọ́ èyí ò gbapò Jakóbíánì. r³ ni wàá kọ síwájú dr. Kọ́kọ́ kọ dV sílẹ̀ lódindi kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.