Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àkọlé fídíò àti ọ̀rọ̀ ara àwòrán

Ká ní ẹ ya fídíò nípa àwọn ìbejì Igbó-Ọrà, ẹ sì fẹ́ gbé e sí YouTube. Àkọlé yín ni “Ìdí tí ìbejì fi pọ̀ ní Igbó-Ọrà”. Bí ẹ bá tún kọ “Ìdí tí ìbejì fi pọ̀” sára àwòrán tó ṣíwájú fídíò, òǹwòran ti ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí ohun tuntun.

Ẹ fi àkọlé sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun ló ń sọ ìlú àti kókó ọ̀rọ̀, òun náà sì ni ẹni tó ń wá “ìbejì Igbó-Ọrà” yóò fi rí yín. Sára àwòrán ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, ẹ kọ “Ṣé ilasa ni?” gàdàgbà, kó ṣeé kà lórí fóònù. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn ará ìlú máa ń tọ́ka sí ọbẹ̀ ilasa yóò fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fẹ́ mọ ohun tó pa ọbẹ̀ àti ìbejì pọ̀. Ẹ yẹra fún igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni YouTube ń kọ gígùn fídíò sí.

Ẹ má kọ “Ilasa ló ń fà á!” o. Ìwádìí kò tíì fìdí ìyẹn múlẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí ẹ̀rí nínú fídíò yóò tètè jáde.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ara àwòrán. Bí ohun kankan kò bá dín kù, ẹ tún un kọ.