Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni balógun ikọ̀ máa sọ kí wọ́n tó wọ pápá Agége?

Àṣekágbá ku ọ̀la. Ìṣẹ́jú méjì péré lo ní. Báyìí ni kó o ṣe é:

1. Fi ọkàn wọn balẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ mí kanlẹ̀."

2. Fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an gbé orí wọn sókè. "Ẹ rántí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rábáàtì, ọjọ́ 26 oṣù Keje, 2025. Mòrókò ti ń fi góòlù méjì sí òdo nà wá nígbà ìsinmi. Ikọ̀ Super Falcons tí Rasheedat Ajíbádé jẹ́ balógun wọn kò rí góòlù àkọ́kọ́ àfi ní ìṣẹ́jú 64, pẹnáritì ni. Ìjámilúsì ṣe èkejì ní 71, Echegini ṣe ẹ̀kẹta ní 88. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá a wọlé wa, ẹ má sáré kiri."

3. Iṣẹ́ kan fún ẹnì kan. "Kóríko àtọwọ́dá nìyí, bọ́ọ̀lù á sáré: ẹ gbá a sí ẹsẹ̀ ara yín. Èmi nìkan ni n ó bá rẹfirí sọ̀rọ̀."

Kó o tó dákẹ́, ní kí aṣọ́lé sọ iṣẹ́ tirẹ̀ padà. Tí kò bá lè sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Tún kókó náà sọ ní ṣókí.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí balógun ikọ̀ àdúgbò yín.